Àrokò Inú Fóònù

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ayétòrò, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi kóńgò gàrí méjì ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Ìlaròó. Èsì tó rí gbà lórí fóònù nìyí:

Tnx 4 garri. C u 2moro b4 8. LLNP

Inú bí wọn. Kóńgò méjì ni àwọn fi ránṣẹ́, ọmọ wá ń dárúkọ mẹ́rin. Ta ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù. Àrokò ni."

N kò purọ́. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ owó rárá. Ìró "fà" tó wà nínú ẹẹ́fà ló ń lò: ọkàn mi fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, "jọ" ló ń wí: ọ̀rọ̀ wa jọ. Òǹkà di ìró, ìró di ọ̀rọ̀.

Ohun tí ọmọ yìí ṣe gan-an nìyẹn, àmọ́ òǹkà Òyìnbó ló lò. Bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́rin, "fọ́ọ̀", náà ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "nítorí". Ó ń dúpẹ́ nítorí gàrí ni. "2moro" ni ọ̀la. "B4" ni "kí ó tó". Lẹ́tà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "C" ni "rí", "u" ni "ìwọ". Ṣùgbọ́n 8 kì í ṣe ìró níhìn-ín. Aago mẹ́jọ gan-an ni.

Báwo la ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Òǹkà tó bá lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ẹ pè é sókè, ìró ni. Èyí tó bá dá dúró ló ń tanni jẹ. Ẹ fi méjèèjì wò ó, kí ẹ mú èyí tó bá ohun tí ẹ ti mọ̀ mu. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé kóńgò méjì ni àwọn fi ránṣẹ́. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé 4 yẹn kì í ṣe òǹkà.

Ní ti LLNP, pípè sókè kò ràn án. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣà jọ: ẹ̀mí gígùn àti aásìkí. Àdúrà ni Ẹ̀gbọ́n ń bínú sí!

Nígbà tí fóònù alágbèéká gbòde ní Nàìjíríà ní 2001, àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò gbà ju lẹ́tà 160 lọ, owó sì ni. Àìsí àyè àti owó ló bí ìgékúrú. Nítorí náà, n kò bá ọmọ náà wí pé ó gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ibi tó ti ṣì í ni pé àrokò kì í jẹ́ bí afúnni àti agbani kò bá jọ mọ òǹkà kan náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó pa á fún. Bó bá sì fẹ́ kúrú fún àgbà, Yorùbá ní tirẹ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo, "ẹ", ń gbé ọ̀wọ̀ tí "u" kò lè gbé.

Ní ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́jọ tó lù, Ẹ̀gbọ́n ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń retí rẹ̀.