Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kì í Di Odindi: Títún Èdè Ìgboro Buake Kọ fún Àgbàlagbà

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òtítọ́ ni òwe yìí níbi tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń gbọ́ bá jọ ń lo èdè kan náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ̀wé ní èdè ìgboro sí àgbàlagbà, ààbọ̀ tí àgbà náà gbọ́ lè di odindi nínú rẹ̀ lóòótọ́, kí odindi náà má sì jẹ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ rárá.

Ìlú Buake, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Kóòtù Difúà, dára fún àyẹ̀wò ọ̀ràn yìí. Ilẹ̀ Bàúlé ni ìlú náà wà, síbẹ̀ èdè Jùlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ná ọjà níbẹ̀, èdè Faransé sì ni ti ilé-ìwé. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí ó ń ṣòwò ní orílẹ̀-èdè náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Èjìgbò. Lórí gbogbo èdè wọ̀nyí ni Nuṣi tún wá gorí. Èdè ìgboro ni Nuṣi. Àwọn ọ̀dọ́ Abijan ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ń ṣa ọ̀rọ̀ láti inú Faransé, Jùlá, Bàúlé àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Majiki Sisitẹ́ẹ̀mù gbé orin “Pirimié Gau” jáde ní ọdún 1999, ọ̀rọ̀ náà “gau” kọjá odi ilẹ̀ náà lọ sí ibi púpọ̀.

Kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a ṣe fún ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ànàgó kan ní Buake kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Èjìgbò. Obìnrin náà ti gbé Buake rí; nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ó padà wálé. Ó gbọ́ Jùlá ọjà dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Nuṣi. Ìwé náà kà báyìí:

“Màmá, viẹ pẹẹ mi ti wá jọsi fún mi ní ọjà ńlá. Ọgbọ̀n togo ni mò ń gbà lójúmọ́. Àwa méjèèjì jọ ń daba lọ́sàn-án. Mogo kan mú mi ní gau, ó ti beu pẹ̀lú wari mi. Ya fọi.”

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún ìwé yìí kọ yóò kọ́kọ́ sáré sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kò gbọ́ rí, bí “jọsi” tí í ṣe iṣẹ́, àti “beu” tí í ṣe kí ènìyàn sá lọ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò gbọ́ rí kò lè tàn án jẹ, nítorí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó rò pé òun gbọ́ ni ọ̀tá. “Viẹ pẹẹ” ní èdè Faransé jẹ́ baba tí ó ti darúgbó. Nínú Nuṣi, ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá ìgboro tí ó ń ṣe alátìlẹ́yìn fún ọmọdé, bí kò tilẹ̀ jù ú lọ ju ọdún mélòó kan lọ. “Togo” jẹ́ ọgọ́rùn-ún faransi sẹ́fà, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ìyá náà gbà kọjá nígbà tí ó ń bọ̀ wálé ni òun mọ̀. “Daba” nínú Nuṣi ni kí ènìyàn jẹun. Ní Jùlá, ọkọ́ ni. Nítorí náà, ìyá àgbà lè jókòó ní Èjìgbò kí ó máa sọkún pé ọmọ arábìnrin òun ti di alágbàṣe tí ń roko nínú oòrùn ọ̀sán gangan. “Mogo” àti “wari” nìkan ni kò lè ṣì í lọ́nà, nítorí ènìyàn àti owó ni wọ́n jẹ́ nínú èdè méjèèjì.

Àtúnkọ tí ó wọ́pọ̀ ni kí a yọ ọ̀rọ̀ kan kí a fi òmíràn dípò: “Bàbá mi àgbà ti wá iṣẹ́ fún mi ní ọjà ńlá. Ọgbọ̀n ọgọ́rùn-ún faransi ni mò ń gbà lójúmọ́. Àwa méjèèjì jọ ń jẹun lọ́sàn-án. Ẹnì kan mú mi ní òmùgọ̀, ó ti jàpá pẹ̀lú owó mi. Kò sí nǹkan kan.”

Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Bí bàbá àgbà ọmọ náà bá ti kú, ẹ̀rù ni gbólóhùn àkọ́kọ́ yóò dá. “Òmùgọ̀” wúwo jù fún “gau”: kì í ṣe ẹni tí kò ní ọpọlọ ni gau, bí kò ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là sí ọgbọ́n ìgboro. “Jàpá” tún jẹ́ èdè ìgboro mìíràn, tí ìyá náà lè má mọ̀. Èyí tí ó burú jù ni ti ìparí. Lóòótọ́, láti inú ọ̀rọ̀ Jùlá tí ó túmọ̀ sí “kò sí nǹkan kan” ni “ya fọi” ti wá, ṣùgbọ́n ìtùnú ni ọmọ náà fi ṣe. Bí ó bá tẹ̀lé ìròyìn olè, ìyá yóò gbọ́ pé kò ku kọ́bọ̀ sí ọmọ lọ́wọ́.

Àtúnkọ tí ó yè kooro yóò rí báyìí: “Màmá, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń tì mí lẹ́yìn níhìn-ín, tí àwa ọ̀dọ́ ń pe irú rẹ̀ ní viẹ pẹẹ, ti bá mi wá iṣẹ́ ní ọjà ńlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta faransi ni mò ń gbà lójúmọ́, àwa méjèèjì sì jọ ń jẹun ọ̀sán. Ẹnì kan rí i pé ojú mi kò tíì là, ó sì gbé owó mi sá lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dùn yín.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé, nítorí ìyá yóò tún pàdé rẹ̀ nínú ìwé mìíràn. Ìkíni tí ó ṣáájú kò yí ìròyìn padà. Ohun tí ó tọ́ sí àgbà ni. Ṣùgbọ́n iye owó tí olè gbé kò sí níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ kọ pé ara ọmọ náà le, nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni kí a bi.

Fún àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Buake láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìdẹkùn yóò yàtọ̀. Kò gbọ́ Jùlá, nítorí náà “daba” kò ní mú un ronú ọkọ́. Bóyá “dábàá” Yorùbá ni yóò gbọ́, kí ó rò pé ìmọ̀ràn ni àwọn méjèèjì ń gbà. “Mogo” àti “wari” tí kò ṣòro fún ìyá àgbà yóò sì di ohun tí a ní láti túmọ̀ fún un. Ẹni tí a ń kọ̀wé sí ni ó ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ ti le.

Ìdánwò iṣẹ́ yìí kò ṣòro. Kí a ka àtúnkọ náà sí etí àgbà lẹ́ẹ̀kan, kí a má béèrè bóyá ó yé e, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà yóò dáhùn pé ó yé àwọn. Kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀: ta ni ó wá iṣẹ́, èló ni owó òòjọ́, kí ni olè ṣe? Ibi tí ìtàn rẹ̀ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó yé e fara pamọ́ sí.