Ṣé Ẹni Méjìlá Tó? Àgbéyẹ̀wò Ìkúnrẹ́rẹ́ Dátà àti Òtítọ́ Ìfikóòdùsí nínú Iṣẹ́ Guest, Bunce àti Johnson

Ní ọdún 2006, Guest, Bunce àti Johnson tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Field Methods. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn ni pé: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mélòó ni olùwádìí gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó lè sọ pé dátà òun ti kúnrẹ́rẹ́, ìyẹn ni pé ẹni tuntun tí ó bá bi léèrè kò ní mú kókó tuntun wá mọ́? Ìdáhùn wọn ni 12. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iye yìí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ nínú orí kẹta àpilẹ̀kọ oyè wọn. Ohun tí ó yẹ ní wíwò ni bóyá iṣẹ́ náà lè ru ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí.

Obìnrin 60 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 30 ní Gánà, 30 ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Gánà ni wọ́n kọ́kọ́ tú wò, ní mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n sì ń ṣe àkọsílẹ̀ bí ìwé kóòdù wọn ṣe ń gbèrú. Kóòdù 109 ni ọ̀rọ̀ Gánà mú jáde lápapọ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 6 àkọ́kọ́ mú 80 wá, 6 tó tẹ̀ lé e fi 20 kún un, 18 tó kù sì mú 9 péré wá. Nígbà tí wọ́n kan ti Nàìjíríà, kóòdù tuntun 5 ni wọ́n ní láti ṣẹ̀dá.

Níbi yìí ni iyì iṣẹ́ náà wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń kọ: pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń lọ títí dátà fi kúnrẹ́rẹ́. Òǹkàwé kò rí ohun tí ó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mẹ́ta yìí fi iye kóòdù hàn ní ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣàlàyé bí ìtumọ̀ àwọn kóòdù ṣe ń yí padà. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wọn lè fi iye tiwọn gan-an bá wọn jiyàn.

Iye náà sì fúnni ní ohun tí a lè bá wọn jiyàn lé lórí. Ká ní olùwádìí kan dúró lẹ́yìn 12, ohun tí yóò rí ni pé 6 tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kóòdù 20 wá, ìyẹn ju mẹ́ta lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Odò tó ń ṣàn báyìí kò jọ èyí tó fẹ́ gbẹ. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 18 tó tẹ̀ lé e ló fi hàn pé 100 nínú 109 ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró sí 12, tó wá tọ́ka sí iṣẹ́ yìí, kò ní ẹ̀rí kankan nípa dátà tirẹ̀. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun.

Kóòdù 5 ti Nàìjíríà náà gba ìṣọ́ra. Ìwé kóòdù tí Gánà ti mọ ni wọ́n fi ka ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó ti ní orúkọ fún nǹkan 109 yóò tètè rí ohun tí ó jọ ọ́, yóò sì pẹ́ kí ó tó rí ohun tó yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, iye náà lè má rí bákan náà. Àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn kìlọ̀ pé àwọn tí wọ́n bi léèrè jọra wọn, àti pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi gbogbo wọn. Ìkìlọ̀ yìí ni àwọn tó ń tọ́ka sí wọn sábà máa ń fò.

Iṣẹ́ Hennink, Kaiser àti Marconi ní 2017 fi ààlà mìíràn hàn. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 25, orúkọ àwọn kókó ti pé ní ìkẹsàn-án, ṣùgbọ́n ó tó 16 sí 24 kí ìtumọ̀ wọn tó yé wọn délẹ̀. Iye kóòdù ni Guest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà ní pàtàkì. Gbígbọ́ tí a gbọ́ pé obìnrin kan ń tijú láti sọ òtítọ́ kò tíì sọ ìdí ìtìjú náà fún wa.

Ohun tí ó yẹ kí olùṣàyẹ̀wò àpilẹ̀kọ béèrè ṣe kedere. Kóòdù tuntun mélòó ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kẹ́yìn mú wá? Bí kóòdù kan bá yọjú ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ṣé wọ́n padà ka 14 tó ṣáájú? Bí ẹni méjì bá fi kóòdù sí ọ̀rọ̀ kan náà, ìṣọ̀kan tí wọ́n kéde, ṣé ti kí wọ́n tó jọ jíròrò ni, tàbí ti ẹ̀yìn rẹ̀? Ìṣọ̀kan tó tẹ̀yìn ìjíròrò wá kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwé kóòdù náà yé ẹlòmíràn. Àpilẹ̀kọ tó bá dáhùn àwọn ìbéèrè yìí lè dúró sí 9 tàbí 30 kí ó sì jàre. Èyí tí kò bá dáhùn wọn, 12 kò lè gbà á sílẹ̀.