Ihò Kékeré Láàárín Ẹsẹ̀ Méjì

Lọ́dọ̀ oníná tí ó ń tún ẹrù tòkunbọ̀ ṣe ní Ìyànà Ìpájà, fọ́tò púlọ́ọ̀gì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sábà máa ń dé ṣáájú ẹrù fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì, ìyẹn àwọn irin tí ó ń wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ni ó sì ń kọ́kọ́ sọ irú iná tí a ṣe ẹrù náà fún. Ẹsẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ tí ó nípọn ni ti Bírítéènì, èyí tí ó wọ́pọ̀ nílé Nàìjíríà, nígbà tí ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ tín-ín-rín sábà máa ń tọ́ka sí Amẹ́ríkà, níbi tí iná ilé ti jẹ́ 120 fólítì. Ìwọ̀nyí kò ṣòro. Ibi tí ojú oníná ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ẹsẹ̀ méjì roboto, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Kùtọnu àti Lòmé.

Ẹsẹ̀ roboto yìí pín sí oríṣi. Èyí tí ó kéré jù, irú C, ní ara tẹ́ẹ́rẹ́, ike bo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, orí ẹsẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ síra wọn díẹ̀. Kò ní ọ̀nà áàtì, ìyẹn wáyà tí ó ń gbé iná tí ó bá jò sára irin lọ sínú ilẹ̀, kò sì gbà ju áńpíà 2.5 lọ. Irú E ti Faransé sanra, ó sì ní ihò kan tí irin áàtì tó yọ síta lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Irú F ti Jámánì ń gba áàtì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Púlọ́ọ̀gì òde òní púpọ̀ ní ihò àti irin ẹ̀gbẹ́ pọ̀, nítorí náà kò ṣeé fi mọ ìlú tí ẹrù ti wá. Ihò kékeré yẹn ni ẹwà iṣẹ́ yìí: ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Bí a bá ya kẹ́tù onírin ti wáàtì 2000 láti ẹ̀gbẹ́, ihò náà kò ní hàn, ènìyàn sì lè pè é ní irú C. Ṣùgbọ́n wáàtì 2000 lórí fólítì 230 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 9, tí irú C kò lè gbé, nítorí náà oníná tó mọṣẹ́ yóò ní kí wọ́n tún un yà láti iwájú. Ẹni tí kò bèèrè yóò ki bírò bọ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kí ó lè ti ẹsẹ̀ méjì náà wọlé. Kẹ́tù yóò hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí áàtì, kò ní sí fíùsì nínú púlọ́ọ̀gì, ẹsẹ̀ tí kò sì fún dáadáa yóò máa gbóná títí ike yóò fi yọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a gé e, kí a fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíùsì áńpíà 13 rọ́pò rẹ̀, kí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò sì lọ sí ẹsẹ̀ òkè.

Fọ́tò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Púlọ́ọ̀gì Bírítéènì àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta roboto, ti áńpíà 5 àti ti 15, jọra débi pé títóbi nìkan ni a fi ń tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, fọ́tò kì í sì í fi títóbi hàn. Kí ẹni tí yóò ya fọ́tò ránṣẹ́ jọ̀wọ́ ya ojú púlọ́ọ̀gì náà gangan, kí ó sì gbé páálí ìṣáná kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.