Ewé Tó Ń Já Bọ́, Ẹ̀pà Nínú Èèpo

Ìgbẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kan dé láàbù wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ṣàn, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n da òróró sí i, òórùn rẹ̀ sì le ju ti ìgbẹ́ gbuuru lásán lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Kí n tó ṣí ìdérí ike náà tán ni mo ti bi ìyá ọmọ náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ló yàgbẹ́ yìí?" Ó ní kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, pé ilé ìyàgbẹ́ wa níbí ni ọmọ náà lò. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn. Tí ìgbẹ́ olómi bá ti ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí a tó wò ó, ohun tí mo ń wá lè ti kú, òkú rẹ̀ a sì máa yọ́ mọ́ ìdọ̀tí yòókù títí tí ojú kò fi ní í dá a mọ̀ mọ́.

Jíádíà ni mo ń wá. Ìrísí méjì ni kòkòrò yìí ní. Tírófósóìtì ni èyí tó wà láàyè lẹ́nu iṣẹ́, tó lẹ̀ mọ́ ara ìfun kékeré, tó ń jẹ, tó ń pín sí méjì. Sísìtì ni èyí tó ti ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle láti bá ìgbẹ́ jáde lọ wá ẹlòmíràn.

Síláàdì kan ṣoṣo ni mo mú. Mo kán omi iyọ̀ sí apá òsì rẹ̀, mo kán ayodíìnì sí apá ọ̀tún. Mo fi ṣóńṣó igi bu ìgbẹ́ díẹ̀, mo pò ó mọ́ omi iyọ̀ ná, lẹ́yìn náà mo fi igi mìíràn bu ti apá ayodíìnì. Bó ṣe yẹ kó fẹ́lẹ́ tó ni pé, bí a bá gbé síláàdì náà lé ìwé ìròyìn, a ó ṣì lè ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Mo fi gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dín iná máíkírósíkópù kù, nítorí pé ohun tí kò ní àwọ̀ máa ń pòórá nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù.

Apá omi iyọ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Lábẹ́ lẹ́ǹsì 10, mo rí i pé nǹkan kan ń gbọ̀n láàárín ìdọ̀tí. Mo yí i sí lẹ́ǹsì 40. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ igi rí, tó wo ewé kan bó ṣe ń já bọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò le, ti mọ ìrìn tírófósóìtì: ó ń yí gbirigbiri, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó ń fi ikùn hàn, ó tún ń fi ẹ̀yìn hàn. Ìrù mẹ́jọ ló fi ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn bí wọ́n ṣe ń lù. Nígbà tó bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, ó máa ń rí bí ṣíbí, ó tẹ́ níwájú, ó sì tẹ̀ kọrọdọ.

Tó bá dojú kọ wá, ẹ rántí èso píà tí a là sí méjì tí a sì yọ kóró rẹ̀. Orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ihò tí kóró ti kúrò sì wà níbi tó fẹ̀ yẹn. Níbi ihò yẹn gan-an ni Jíádíà ní àwo tó fi ń lẹ̀ mọ́ ìfun. Èyí tí mo wọ̀n gùn tó máíkírọ̀nù 13, ìyẹn ni pé bíi ìlọ́po méjì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí apá ayodíìnì. Gbogbo ìrìn ti parí níbẹ̀, nítorí pé ayodíìnì ń pa tírófósóìtì. Ẹni tó bá fi ayodíìnì bẹ̀rẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀, lè kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mí gan-an, nítorí pé ọmọ aláìsàn ló padà sílé láìgba oògùn.

Ayodíìnì ní iṣẹ́ tirẹ̀ lára sísìtì. Ìyá ọmọ náà mú ìgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ kan náà, ọmọbìnrin ọdún méje tí kò ṣàìsàn rárá. Ìgbẹ́ rẹ̀ dì. N kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jíádíà kì í jáde lójoojúmọ́, nítorí náà mo ní kí wọ́n mú òmíràn wá ní ọjọ́ kejì sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n jáde, wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọ́n rí gbọọrọ bí ẹyin, wọ́n ń dán nínú omi iyọ̀. Bí ìgbẹ́ ṣe ń gbẹ nínú ìfun ńlá ni kòkòrò yìí ṣe ń wọ èèpo rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru máa ń yára gbé e jáde kó tó ráyè wọ̀ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí tírófósóìtì fi pọ̀ nínú ti àbúrò, tí sísìtì nìkan sì wà nínú ti ẹ̀gbọ́n.

Nínú ayodíìnì, sísìtì di àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ dúdú, inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ojú. Kóró kéékèèké mẹ́rin kó jọ sí ìkángun kan, okùn tín-ín-rín sì là á já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Okùn wọ̀nyẹn ni gbòǹgbò ìrù tó ti ká wọlé. Mo fẹ́ràn láti wò ó pẹ́ níbí yìí, nítorí pé gbogbo ẹrù tírófósóìtì ló wà nínú èèpo yẹn ní ìlọ́po méjì: nígbà tí sísìtì kan bá là nínú ẹlòmíràn, tírófósóìtì méjì ló máa di. Bí a bá ti fi fọ́málínì pa ìgbẹ́ náà mọ́, ara rẹ̀ a máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo, àlàfo a wà láàárín wọn, bí ẹ̀pà tó gbẹ tó ń mì nínú èèpo rẹ̀.

Ìwúkàrà ló máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù. Òun náà rí gbọọrọ, òun náà ń dán. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń kéré sí sísìtì, òmíràn nínú wọn máa ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ayodíìnì kò sì ní í fi kóró mẹ́rin tàbí okùn kankan hàn nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń wọn gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ pè ní sísìtì. Ti ọmọbìnrin yìí jẹ́ máíkírọ̀nù 12.

Mo ti fi díẹ̀ nínú ìgbẹ́ àbúrò sínú omi ìpamọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó dé, kó má baà bàjẹ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti kun síláàdì kan ní aró tí à ń pè ní tírákírómù, tí mo sì wò ó lábẹ́ lẹ́ǹsì 100 pẹ̀lú òróró. Ìrìn ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ti dé: ara tírófósóìtì dàbí aró tó fẹ́ di ewé tútù, kóró méjèèjì pupa, wọ́n tẹ́jú mọ́ra bí ojú òwìwí, ìlà dúdú méjì sì dábùú rẹ̀ nísàlẹ̀ bí èékánná. Kí a má ṣe gbé ara lé iye kóró nìkan. Sísìtì tí kò tíì gbó lè ní méjì péré. Èèpo tó yí i ká ni kí a wò, àti ìdí rẹ̀, bóyá ó ṣóńṣó tàbí ó rí roboto.

Ìyá náà bi mí pé èwo nínú àwọn ọmọ òun ló kó o ran èkejì. Síláàdì kò lè sọ ìyẹn. Mo sọ fún un pé èyí tó wà nínú ìgbẹ́ àbúrò yóò kú kíákíá níta, pé èyí tó wà nínú ti ẹ̀gbọ́n tí kò ṣàìsàn lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú omi tútù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Òun ló máa ń pọn omi mímu wa sínú kúlà."