Ìlà Ìkẹyìn nínú Ìwé Ológun Eyadéma

Nínú àpótí àwọn bàbá wa tó ṣe ológun Faransé, ní Pira níhìn-ín àti káàkiri agbègbè Bantẹ̀ àti Savalu, ìwé kan sábà máa ń wà tí wọ́n ti ká pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí a bá ṣí i, ohun mẹ́rin ni ojú ń kọ́kọ́ rí: ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọṣẹ́ ogun, oyè tó jẹ níbẹ̀, àwọn ilẹ̀ tí wọ́n rán an lọ, àti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé a máa ka àwọn ilẹ̀ náà sókè bí ẹni ń ki oríkì, wọn a sì fo ọjọ́ ìdásílẹ̀ kọjá. Àwa gbà pé irú ìkàwé bẹ́ẹ̀ kò tọ́, pàápàá nígbà tí ẹni tó ni ìwé bá padà di olórí orílẹ̀-èdè. A ó fi Gnassingbé Eyadéma ti Togo, aládùúgbò wa, ṣe àpẹẹrẹ.

Ìtàn iṣẹ́ ogun rẹ̀, bí àwọn tirẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó wà lórí oyè, kò gùn. Wọ́n ní a bí i ní Pya ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1935. Ó wọ ẹgbẹ́ ológun Faransé ní 1953. Ó wà ní Indoṣín láti 1953 sí 1955, ó sì wà ní Alijéríà láti 1956 sí 1961. Ní 1962 ó padà sílé, sájẹ́ǹtì ni. Ní 1976 wọ́n tilẹ̀ sọ ìtàn ayé rẹ̀ di ìwé aláwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bí ní òpin 1935 kò tíì pé ọmọ ọdún 18 títí di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn 1953. Àwọn ìwé mìíràn tilẹ̀ kọ 1937, èyí tí yóò sọ ọ́ di ọmọ ọdún 15 nígbà tó gbé ìbọn. Kò yẹ kí a sáré pè é ní irọ́. Ní ayé ìjọba àmúnisìn, ọ̀pọ̀ abúlé kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìwé ìbí. Akọ̀wé tó ń gba ọmọ ogun a wo ojú ọ̀dọ́kùnrin, a wo èjìká rẹ̀, a sì kọ ọ́ pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Àbá ni ọdún ìbí inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìwọṣẹ́ ló ṣeé gbára lé jù, nítorí láti ọjọ́ náà ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un, a kò sì tíì rí akápò tó fẹ́ràn láti san owó ọjọ́ tí ènìyàn kò ṣiṣẹ́.

Abala ìrìn-ogun ni ó ń tan òǹkàwé jẹ jù. Àwọn tó dá abala yìí sílẹ̀ kò ní ìyìn lọ́kàn. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń ṣírò. Bí ọmọ ogun bá wà ní ilẹ̀ tí ogun ti ń jà, wọ́n lè ka ọjọ́ kan sí méjì fún un nígbà tí wọ́n bá ń díwọ̀n owó náà. Nítorí náà, ibi tó wà àti iye ìgbà tó lò níbẹ̀ ni abala yìí ń sọ; kò sọ pé ó yìnbọn. Ẹ wo Indoṣín, 1953 sí 1955. Dien Bien Phu ṣubú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1954, nígbà tó sì di oṣù Keje wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìdáwọ́-ìjà-dúró ní Jẹnífà. Apá tó pọ̀ nínú ìgbà tí ìwé kà fún un, ìbọn ti dákẹ́. Ti Alijéríà ni ìdàkejì: níbẹ̀ ìbọn ń dún, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Faransé kò pè é ní ogun. Wọ́n ní àwọn ń mú ìlú tòrò ni, ó sì di 1999 kí òfin wọn tó gbà pé ogun ni. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ “ogun” nínú ìwé bàbá rẹ̀ tó lọ sí Alijéríà, tí kò rí i, kí ó má ṣe rò pé bàbá rẹ̀ purọ́.

Ní ti oyè, sájẹ́ǹtì lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án kò burú, kò sì yani lẹ́nu. Christophe Soglo, ọmọ Abomey tó ṣàkóso ilẹ̀ wa, wọṣẹ́ ní 1931. Ó wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ sí Kọ́síkà, sí Elba àti sí gúúsù Faransé, ó tún lọ sí Indoṣín, síbẹ̀ ó di 1956 kí wọ́n tó fi í ṣe kapitéènì. Ọdún 25 gbáko! Òǹkàwé tó mọ bí àkàbà yìí ṣe ga ni yóò fura nígbà tó bá rí i pé sájẹ́ǹtì 1962 ti di lefutẹ́náǹtì-kọ́lọ́nẹ́ẹ̀lì ní oṣù Kìn-ín-ní 1967. Láàrin oyè méjèèjì yìí, Togo kò bá orílẹ̀-èdè kankan jagun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìlà tí àwọn akígbe rẹ̀ ń fò: ìdásílẹ̀, 1962. Nínú òfin ìfẹ̀yìntì ti Faransé nígbà náà, ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá ní láti pé ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ gidi kí ó tó ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn ọjọ́ tí wọ́n kà sí méjì nínú abala ìrìn-ogun kò wọ inú 15 náà. Ṣe ni wọ́n ń bu kún owó ẹni tó bá ti ní ẹ̀tọ́ tẹ́lẹ̀. Láti 1953 sí 1962, mẹ́sàn-án ni. Bó ti wù kí ẹnu ki Indoṣín àti Alijéríà tó, wọn kò lè sọ mẹ́sàn-án di 15.

Ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìbọn ni wọ́n kọ́ ọ, ló dé bá orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1960. Ẹgbẹ́ ológun Togo kò ju nǹkan bí 250 ènìyàn lọ. Àwọn tí Faransé ń dá padà sílé lé ní 600. Ààrẹ Sylvanus Olympio kò fẹ́ fi owó ìlú bọ́ ológun. Emmanuel Bodjollé bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Olympio kọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1962 Eyadéma fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun, Olympio tún kọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní 1963, wọ́n yìnbọn pa Olympio ní Lomé, lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣojú Amẹ́ríkà.

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ló pa á. Gbọ́nmi-si-omi-ò-to àwọn ará òkè àti ará etíkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ẹni tí wọn kò dá sílẹ̀ kì í gba ìjọba. Soglo bọ́ láti ẹgbẹ́ ológun Faransé sí ẹ̀gbẹ́ Ààrẹ Maga gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, ebi kò pa á, síbẹ̀ òun náà gba ìjọba ní oṣù Kẹwàá 1963. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìrìn-ogun Eyadéma nìkan, akọni là ń rí. Bí a bá ka 1962 mọ́ ọn, a ó rí ẹni tí kò níṣẹ́, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tó sì mọ ìbọn í lò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ tọpa irú ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé ti àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá wà ní ìlú Pau, ní gúúsù Faransé, ti àwọn ọ̀gá sì wà ní Vincennes. Kí ó má fi Gnassingbé wá sájẹ́ǹtì náà. Étienne ló ń jẹ́ nígbà náà, ó di 1974 kí ó tó pa orúkọ yẹn tì. Ohun tí Faransé ní láti kọ nípa rẹ̀ parí sí 1962. Ohun tó kù, Lomé ló kọ ọ́, lábẹ́ àṣẹ ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Nínú ti Lomé yìí, kò sí ìlà ìdásílẹ̀: orí oyè ló kú sí, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2005.