Àpèkọ Faransé Láìsí Tíṣà ní Èjìgbò

Ẹni tó bá dúró nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì Abíjàn ti ń kó èrò ní Èjìgbò yóò gbọ́ Faransé tó dán mọ́rán lẹ́nu ìyá àgbà, lẹ́nu awakọ̀ àti lẹ́nu ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú yìí ti ń rin ọ̀nà Kotidifuà. Wọ́n nílé, wọ́n lọ́mọ ní Trẹṣífìlì àti Àjàmé. Wọ́n ń gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Gánà lọ, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ bọ̀. Ọjà wà nínú ìlú tó jẹ́ pé owó sẹ́fà kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti ọ̀hún dé, etí rẹ̀ ti kún fún Faransé kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ni.

Ìwé kíkọ ni ìṣòro. Lọ́dún 1996 ni ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha kéde Faransé gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìkéde ò pèsè tíṣà fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Èjìgbò, tó sì fẹ́ padà lọ ṣe ìdánwò CEPE tí wọ́n fi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kotidifuà, tàbí BEPC tó tẹ̀ lé e, mọ̀ pé àpèkọ ń dúró dè é níbẹ̀. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ ló ní lọ́wọ́. Àpèkọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà ní kíkọ sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti kà á, ó ti rí ìdáhùn, kò sí ohun tó kù láti dán ara rẹ̀ wò.

Ohun tí mo fẹ́ yìn ni bí àwọn ọmọ kan ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Màsífà tí kì í ṣí ojú ìwé àpèkọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ya fọ́tò ojú ìwé náà, tó ń fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí àbúrò ìyá wọn ní Trẹṣífìlì, obìnrin tó kàwé níbẹ̀. Ohùn lòun fi ń dá a padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ló kà á tán lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń ka ìròyìn, ọmọ náà sì ránṣẹ́ sí i pé: “Tantí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí ti kíláàsì.”

Kíkà bí ti kíláàsì ní ìlànà. A ó kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ọmọ má tíì kọ nǹkan kan, kí ó kàn mọ ohun tí ìtàn náà dá lé. Lẹ́yìn náà la ó gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tí ìtumọ̀ bá ti dúró, a ó ka ègé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjì, a ó sì máa pe àmì ìdánudúró pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìgbà yìí ni bírò ń ṣiṣẹ́. Ní ìparí, a ó tún ka gbogbo rẹ̀ kí ọmọ lè fi ojú tẹ̀ lé ohun tó kọ. Ó ṣe pàtàkì kí òǹkàwé dákẹ́ díẹ̀ láàárín ègé kan sí èkejì, nítorí Wásáàpù lè mú ohùn yára sí i, kò lè mú un falẹ̀. Ọmọ tó bá ń dá ohùn dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá ń sọ àpèkọ di àdàkọ. Yóò gba máàkì nílé, àkókò yóò sì lé e ní gbọ̀ngàn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù ni àtúnyẹ̀wò, níbi tí tíṣà ì bá ti fi bírò pupa fa ìlà. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn méjì tí mo fúnra mi ṣe:

« Les femmes parlaient fort. Les tomates que ma tante a achetées étaient mûres. »

Ọmọ tó dàgbà ní Abíjàn lè kọ ọ́ báyìí:

« Les femmes parlait fort. Les tomate que ma tante a acheté était mur. »

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló ṣì kọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì gbọ́. Bí a bá ka méjèèjì sókè, ohùn kan náà ni. Àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ju ẹyọ kan lọ, lẹ́tà tó ń fi èyí hàn ní ìparí ọ̀rọ̀ kò sì dún rárá. Ti “achetées” le ju bẹ́ẹ̀ lọ: nítorí pé a ti dárúkọ tòmátì, tó jẹ́ abo tó sì pọ̀, kí ọ̀rọ̀ rírà tó wọlé, òfin Faransé ní kí lẹ́tà e àti s kún un.

Ọmọ Màsífà yẹn pín àṣìṣe rẹ̀ sí ọ̀nà méjì nínú ìwé rẹ̀, ó kọ “etí” sí apá òsì, ó kọ “ọwọ́” sí apá ọ̀tún. Bó ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ti etí àti ti ọwọ́ rọrùn: ó máa ń ka ohun tó ṣì kọ sókè, á sì fi wé ohùn tantí rẹ̀. Bí méjèèjì bá dún bákan náà, àṣìṣe ọwọ́ ni, ìwé gírámà ló kàn. Bí wọn ò bá dún bákan náà, bí ìgbà tó kọ “ils sont” dípò “ils ont”, etí ló tàn án, ohùn náà ló máa padà sí. Èmi ò tíì rí ọgbọ́n tó tó èyí fún ẹni tí kò ní tíṣà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbọ́ ohùn kan náà lemọ́lemọ́ nítorí àṣìṣe tí ohùn kò lè wò sàn.

Àìtó kan wà nínú ohùn tantí, ohùn Abíjàn ni, ohùn ẹni tó sì fẹ́ kí ọmọ òun yege. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe DELF, ìdánwò Faransé fún àwọn àjèjì, yóò bá ohùn mìíràn pàdé. Ní ìpele B1, apá ìgbọ́yé jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ohùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sétí ẹni. Máàkì 25 ló wà fún un nínú 100. Ẹni tí kò bá gba 5 níbẹ̀ ti fìdí rẹmi, bó ti wù kí ó ṣe dáadáa tó níbòmíràn. Àwọn ará Faransé inú ohùn wọ̀nyí máa ń gbé “ne” mì, wọ́n ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ọmọ Abíjàn á sì dàrú fún ìgbà díẹ̀. Ó yẹ kí ó fi àkókò tí wọ́n fún un ṣáájú ohùn ka ìbéèrè, kí ó mọ ohun tó ń dẹtí sí: iye owó ni, ọjọ́ ni, àbí èrò ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń ṣe ìdánwò náà, France Éducation international, ti gbé àpẹẹrẹ ìbéèrè pẹ̀lú ohùn síta lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ inú ohùn náà sì wà ní kíkọ lójú ìwé àwọn olùmáàkì. Ìwé kan náà wá di ìdánwò méjì. Bí ọmọ bá ti dáhùn ìbéèrè ìgbọ́yé tán, tó ti máàkì rẹ̀, kí ó tó wo ọ̀rọ̀ kíkọ náà, ó lè mú ègé kékeré nínú ohùn yẹn, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sọ ọ́ di àpèkọ. Òǹkàwé tó wá láti Faransé ti wà níbẹ̀, ìdáhùn sì wà lójú ìwé tó kàn. Ó kàn yẹ kí ó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sílẹ̀ kí ó tó tún ègé kan náà kọ, nítorí àpèkọ tí a ti mọ̀ sórí kì í fi àṣìṣe etí hàn mọ́.