Títún Ojú Ewé Àpilẹ̀kọ Tò Kí Ó Tó Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Di Ìwé

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gboyè kì í parí lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ṣì ku kí a tún ojú ewé rẹ̀ tò bí yunifásítì ṣe là á sílẹ̀: àlàfo etí ewé, àlàfo àárín ìlà, irú lẹ́tà, àti àyè tí ìdìpọ̀ yóò gbà. Òfin yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà ìwé ìlànà ilé ẹ̀kọ́ ẹni ni kí a ṣí kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ká ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan kọ iṣẹ́ lórí àwọn olóyè Ìdẹ́jọ àti ààfin Ìgá Ìdúngánrán. Ewé 80 ni iṣẹ́ rẹ̀. Àlàfo mílímítà 25 ló fi sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àlàfo ìlà kan àbọ̀ ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìlànà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí òsì jẹ́ mílímítà 40, kí etí mẹ́ta yòókù jẹ́ 25, kí àlàfo ìlà jẹ́ méjì, kí lẹ́tà sì jẹ́ Times New Roman 12. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń béèrè ínṣì kan àbọ̀ ní òsì, èyí tó jẹ́ mílímítà 38.

Ọwọ́ ẹni tó ń di ìwé ni ìdí tí òsì fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ wà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá máa ń ká bébà sí méjì, wọn a sì gba ojú ìká náà rán an. Ti àpilẹ̀kọ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ewé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló jáde láti inú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń dì í yóò kó wọn jọ, yóò lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ òsì wọn, yóò fi òwú rán wọn pọ̀, kí ó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí líle. Òwú náà sábà máa ń wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan láti etí ewé. Ìwé tí a bá sì gba ẹ̀gbẹ́ rán kì í là pẹrẹsẹ lórí tábìlì; ewé rẹ̀ máa ń tẹ̀ wọnú níbi òwú, ìtẹ̀ náà á tún mú díẹ̀ lára àyè tó kù. Bí òsì bá jẹ́ mílímítà 25 péré, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sá wọ kọ̀rọ̀, òǹkàwé á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí ó tó rí i kà.

Lẹ́yìn rírán, ọ̀bẹ ló kàn. Ẹ̀rọ ìgé-bébà yóò gé òkè, ìsàlẹ̀ àti ọ̀tún kí etí ìwé lè dọ́gba, ó sì lè mú mílímítà 3 sí 5 lọ. Nọ́mbà ojú ewé tó bá wà ní mílímítà 8 sí ìsàlẹ̀ bébà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí nígbà tí ọ̀bẹ bá kúrò. Kí ó wà ní mílímítà 13 ó kéré tán.

Nínú ètò Word, ìwọ̀n bébà ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí gbogbo ìyókù ló dúró lé e. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣí ewé tuntun ní Letter, tó fẹ̀ ní mílímítà 216, tó sì ga ní 279. Bébà A4 tí à ń tà ní Èkó fẹ̀ ní 210, ó sì ga ní 297. Lẹ́yìn tí a bá ti yan A4, kí a ṣí Custom Margins. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀: kí a fi 40 sí Left kí Gutter jẹ́ 0, tàbí kí a fi 25 sí Left kí Gutter jẹ́ 15. Èyíkéyìí nínú wọn dára. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀, tó fi 40 sí Left tó tún fi 15 sí Gutter, yóò rí mílímítà 55. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà kí a tẹ iwájú àti ẹ̀yìn bébà, kí a yan Mirror margins, kí àyè ìdìpọ̀ lè máa bọ́ sí òsì ewé kan àti ọ̀tún èkejì.

Iṣẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó wa yóò wá gùn sí i. Ìlà rẹ̀ tó gùn ní mílímítà 160 tẹ́lẹ̀ yóò di 145. Ewé tó ń gba bí ìlà 33 yóò máa gba 25. Ewé 80 yóò di bíi 117, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un. Kò sí ohun ìbẹ̀rù níbẹ̀. Kíka ìlà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn jù láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí a bá ka ewé tó kún dáadáa, tí a rí ìlà 29 dípò 25, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi Exactly 24 pt rọ́pò Double láti dín bébà kù, nítorí Double fún lẹ́tà yìí jẹ́ 27.6 pt. Láti ayé taipuráítà ni àlàfo ńlá yìí ti wà, kí olùkọ́ lè rí ibi fi pẹ́ńsù ṣàtúnṣe sí láàárín ìlà. Ó yẹ kí a fi àyè náà sílẹ̀ fún un.

Àtẹ ìdílé àwọn olóyè nínú iṣẹ́ náà fẹ̀ ju ewé òòró lọ, nítorí náà a ní láti dá a dùbúlẹ̀. Kí a fi Section Break (Next Page) sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìwé ni yóò dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé e. Orí àtẹ ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí a ti rán ìwé. Fún ìdí èyí, Top ni mílímítà 40 yóò wà lójú ewé náà, kì í ṣe Left. Fífi í sílẹ̀ sí Left ni àṣìṣe tí mo mọ̀ pé ó pọ̀ jù, nítorí lójú kọ̀ǹpútà kò sí ohun tó fi ara rẹ̀ hàn.

Ti irú lẹ́tà ní ìṣòro tó kan èdè wa gan-an. Times New Roman, tí ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ lò ní 1932, ti gba àmì Yorùbá nínú ẹ̀yà rẹ̀ tòde òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ kò ní nọ́mbà ẹyọ kan nínú ètò lẹ́tà àgbáyé. Àmì ohùn ni a gbé ka orí lẹ́tà tó ti ní àmì ìsàlẹ̀. Bí irú lẹ́tà tí a yàn kò bá mọ bí a ṣe ń gbé e kà, àmì orí Ẹ̀yọ̀ tàbí Ìdẹ́jọ yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí kékeré jáde dípò rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀: tí a bá pa fọ́ǹtì rẹ̀ dà, lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ lè di àmì mìíràn. Lẹ́yìn ìyípadà, kí a wá orúkọ ènìyàn àti ti àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a sì tún wọn kà.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti dúró ni kí a tó tún atọ́ka ṣe, nípa yíyan Update entire table, nítorí ojú ewé ti yí padà. Fáìlì PDF ni kí a gbé lọ sí ibi ìtẹ̀wé ní Ìdúmọ̀tà tàbí Broad Street, nítorí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè má ní fọ́ǹtì wa. Kí a sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé Actual size ni kí ó yàn. Fit máa ń sún ọ̀rọ̀ kì, mílímítà 40 kò sì ní jẹ́ 40 mọ́. Kí a tẹ ewé kan ṣoṣo, kí a gbé rúlà lé etí òsì rẹ̀, kí a tó jẹ́ kí ó tẹ ìyókù.

Bí ojú ewé ìṣáájú bá jẹ́ 15, iṣẹ́ náà yóò jẹ́ ewé 132 lápapọ̀. Bébà gíráàmù 80 nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, nítorí náà ẹ̀yìn ìwé yóò fẹ̀ tó mílímítà 13, ó sì tó láti kọ orúkọ, oyè àti ọdún sí ní lẹ́tà wúrà.